Fídíò mi kò ní àyè tí mo lè fi àpèjúwe olóhùn sí: kí ni kí n ṣe?

Aláfídíò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní fídíò kan tó gùn tó ìṣẹ́jú 6 àti ààbọ̀, tí ọ̀gá kan ti ń kọ́ni bí a ṣe ń lẹ tíúbù kẹ̀kẹ́ tó jò. Ẹnì kan tí kò ríran kọ̀wé sí mi pé òun gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, òun kò sì mọ ohun tí ọ̀gá ń fi ọwọ́ ṣe. Mo fẹ́ fi ohùn tó ń ṣàpèjúwe àwòrán sí i, ṣùgbọ́n ọ̀gá yìí kì í dákẹ́. Ibo ni kí n ti rí àyè? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ èyí tí n óò sọ àti èyí tí n óò fi sílẹ̀?

Ọmọ Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbọ́n, èyí kò le. Ẹ kọ àpèjúwe yín sínú fáìlì ọ̀rọ̀, ẹ fi àkókò ṣáájú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì so ó mọ́ fídíò lójú ewé yín:

```
<video controls src="tiubu.mp4">
  <track kind="descriptions" src="apejuwe.vtt" srclang="yo">
</video>
```

Bí àkókò bá ti tó, búráúsà á kà á sókè fún ẹni tí kò ríran. Ẹ kò tiẹ̀ ní gba ohùn kankan sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó máa ń hàn nísàlẹ̀ fídíò lẹ ń sọ yìí? Mo máa ń tan án, àmọ́ kò ràn mí lọ́wọ́. Àárín ojú mi ti di dúdú láti bí ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ ojú ni mo fi ń ríran báyìí. Mo lè rí i pé èèyàn wà níbẹ̀, mo lè rí àwọ̀ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni n kì í rí. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà.

Akọ̀wé Àwòrán

Mà, ẹ kú ìfaradà. Àwọn tí kò gbọ́rọ̀ ni wọ́n ṣe ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn fún. Ohun tí ẹnu sọ ló ń kọ. Ohun tí ẹni tó béèrè ń wá ni òdìkejì rẹ̀, ìyẹn ni kí ẹnu sọ ohun tí ojú ń rí. Ohun tí ẹ sọ nípa ara yín wúlò gan-an, n óò padà sórí rẹ̀.

Àbúrò Ọmọ Kọ̀ǹpútà, òótọ́ ni pé ìlà yẹn wà nínú òfin HTML. Ibi tó ti jáni kulẹ̀ ni pé àwọn búráúsà ńláńlá kì í ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sókè fúnra wọn. Bí ẹ bá gbé e síbẹ̀ lásán, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ nǹkan kan, ẹ ò sì ní mọ̀, torí pé kò ní sọ pé àṣìṣe wà. Ó ní láti jẹ́ pé irinṣẹ́ àgbéjáde mìíràn wà lójú ewé náà tó mọ̀ ọ́n kà, bí Able Player. Bí fídíò bá kúrò lójú ewé yẹn, tí èèyàn wà á sórí fóònù, àpèjúwe kò bá a lọ nìyẹn. Ohùn tí a gbà sílẹ̀, tí a pò mọ́ ohùn fídíò, ni ó máa ń bá fídíò dé ibi gbogbo.

Aláfídíò, ọdún 9 ni mo ti ń kọ àpèjúwe fún fíìmù àti fún fídíò ìkọ́ni, ibì kan náà ni mo sì máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì kọ ohunkóhun. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí kọ̀ǹpútà, ẹ gbọ́ fídíò náà láìwò ó, kí bírò àti bébà wà lọ́wọ́ yín. Níbi tí ọ̀gá bá ti sọ pé "báyìí", "ibí", "èyí" tàbí "ẹ rí i", ẹ kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti gbọ́ ìró kan tí ẹ kò mọ ohun tó ń dún, ẹ kọ ìyẹn náà. Ibẹ̀ nìkan ni fídíò ti jẹ olùgbọ́ ní gbèsè. Ní ibi yòókù, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ti tó, ẹ má bá a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí fídíò náà nínú ètò tí ẹ fi ń gé e, kí ẹ wo ìgbì ohùn. Ibi tí ìlà bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀gá mí níbẹ̀. Ẹni tí a rò pé kì í dákẹ́ máa ń mí ju bí a ṣe rò lọ. Ẹ fojú fo èyí tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá 2, ẹ kọ ìyókù sílẹ̀, kí ẹ wá sọ fún wa.

Aláfídíò

Ẹ ṣeun, mà. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu. Ibi 11 ni mo ti sọnù nínú fídíò tí mo fi ọwọ́ ara mi yà. Àyè wà nítòsí 6 nínú wọn. Ibì kan rèé: ní 1:14, ọ̀gá sọ tán pé "Ẹ ki èyí bọ abẹ́ ibí báyìí", ó sì dákẹ́ títí di 1:18. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni:

"Ọkùnrin náà, tó wọ ẹ̀wù búlúù, mú irin pẹlẹbẹ kan lórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá ń fi sùúrù kì í bọ àárín etí táyà àti rímù ní òdìkejì ibi tí fáàfù wà."

Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú-àáyá 9 láti kà á. Ṣé kí n máa yára kà á ni?

Akọ̀wé Àwòrán

Rárá o. Ẹni tó ń gbọ́ yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń gbọ́, ó sì ń ya àwòrán sọ́kàn. Bí ẹ bá sáré kà á, àwòrán ò ní dúró. Ọ̀rọ̀ la máa ń gé.

Ẹ bi gbólóhùn náà léèrè pé kí lẹni tó fẹ́ lẹ tíúbù kò ní lè ṣe láìgbọ́ eléyìí. Kò nílò ẹ̀wù búlúù níbí, bẹ́ẹ̀ ni kò nílò tábìlì. "Ń fi sùúrù", èrò tiyín nìyẹn, kì í ṣe àwòrán. Ohun tó kù ni ohun tó mú lọ́wọ́, ibi tó kì í bọ, àti ibi tó wà sí fáàfù:

"Ó ki irin pẹlẹbẹ bọ abẹ́ etí táyà, ní òdìkejì fáàfù."

Mo kà á sókè pẹ̀lú aago, ìṣẹ́jú-àáyá 4 ni. Ó wọlé ṣááṣá, kò sì sí èémí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ń fi èjìká gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá tó ń bọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1:13.5, lórí ìrù ọ̀rọ̀ "báyìí". A lè fi díẹ̀ bo "báyìí", torí pé kò gbé ìtumọ̀ kankan fún ẹni tí kò ríran. Ṣùgbọ́n a kì í fi àpèjúwe bo orúkọ nǹkan tàbí iye nǹkan tí ọ̀gá dá.

Ẹ̀wù búlúù yẹn ní ààyè tirẹ̀. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí orin ṣì ń dún tí ọ̀gá kò tíì sọ̀rọ̀. Irú Ìyá Ìbejì tó ń rí àwọ̀ yóò fi mọ ẹni tó ń wò.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, ìyá. Ìgbà tí wọ́n bá ti sọ pé ẹni tó wọ báyìí báyìí ni, mo ti mọ ibi tí mo máa yí ojú sí nìyẹn.

Etí Lojú

Ẹ jẹ́ kí èmi afọ́jú náà dá sí i. Àbímọ́ ni tèmi, n kò rí àwọ̀ rí, síbẹ̀ n kò bínú sí i pé kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tó máa ń bí mi nínú ni àpèjúwe tó bo ìró mọ́lẹ̀. Nínú fídíò lílẹ tíúbù, ìró náà jẹ́ ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọ̀gá bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí tíúbù, tó gbé e súnmọ́ etí, ṣìì tó ń dún yẹn ni mo máa fi mọ ibi tó jò nílé mi. Bí ẹ bá wá ń sọ lórí rẹ̀ pé "ó gbé tíúbù sí etí", ẹ ti gba ohun kan ṣoṣo tí mo lè fi ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ sọ ọ́ ṣáájú, kí ẹ wá dákẹ́ kí n gbọ́.

Aláfídíò

Ẹ ṣeun, sà. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ bàjẹ́. Láti 3:05 títí dé 3:40, orin nìkan ló ń dún: ọ̀gá ń fi sáńpépà ha tíúbù, ó fi sọlúṣọ̀n pa á, ó dúró, ó lẹ ègé rọ́bà mọ́ ọn. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tó kún gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 35 náà.

Akọ̀wé Àwòrán

Ẹ dín in kù sí ìlàjì. Ẹni tó bá rí àyè gbọọrọ máa ń fẹ́ kún un, bẹ́ẹ̀ ni olùgbọ́ nílò ìsinmi láàárín gbólóhùn méjì. Bí mo ṣe máa pín in rèé:

3:05: "Ó ń fi sáńpépà ha ibi tó jò, fífẹ̀ rẹ̀ ju ègé rọ́bà lọ." Ẹ wá dákẹ́, kí ìró sáńpépà dún.

3:15: "Ó fi ìka tẹ́ sọlúṣọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síbẹ̀." Ẹ dákẹ́.

3:24: "Ó dúró. Sọlúṣọ̀n tó ń dán tẹ́lẹ̀ kò dán mọ́." Ẹ dákẹ́.

3:33: "Ó gbé ègé rọ́bà lé e, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí."

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí "a rí i pé" tàbí "fídíò fi hàn pé" níbì kankan. Ìṣẹ́jú-àáyá kan ni irú rẹ̀ ń jẹ, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí ọ̀rọ̀ bá hàn lójú fídíò, irú bí orúkọ ìpele iṣẹ́, ẹ kà á bó ṣe wà.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà

Ẹ ṣeun fún àtúnṣe lẹ́ẹ̀kan, mà. Ibi 5 tí kò ní àyè ńkọ́? Mo ka WCAG 2.1, ìlànà tó ń sọ bí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe lè wúlò fún àwọn abirùn. Ìlà 1.2.5, tó wà ní ipele AA, ni ó ní kí àpèjúwe wà. Dídá fídíò dúró kí a lè rí àyè sọ̀rọ̀, ìlà 1.2.7 ni, ní ipele AAA tó ga ju AA lọ. Ẹni tó bá ń wá AA nìkan lè fi ibi 5 yẹn sílẹ̀.

Etí Lojú

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé sọ, àbúrò. Ṣùgbọ́n bí n kò bá mọ bí táyà ṣe padà wọ rímù, kẹ̀kẹ́ mi á ṣì wà ní ìdojúdé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ipele wo ni ìyẹn?

Akọ̀wé Àwòrán

Ẹ̀yin méjèèjì jàre. Àbúrò kò ṣi ìwé kà. Ṣùgbọ́n nínú fídíò ìkọ́ni tí ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣe nǹkan mìíràn, dídá dúró ló kù. Kì í sì í ṣe gbogbo 5 ló máa gbà á. Aláfídíò, ẹ tún wò ó bóyá ọ̀gá sọ nǹkan náà níwájú tàbí lẹ́yìn.

Aláfídíò

Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ó tún méjì sọ lẹ́yìn. Mẹ́ta ló kù. Èyí tó le jù ni 4:20 sí 4:50. Ó ń sọ ìtàn bí òun ṣe kọ́ iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń dá táyà padà. Gbogbo ohun tó sọ nípa rẹ̀ ni "ẹ ṣáà máa ṣe é báyìí yíká", ní 4:31.

Akọ̀wé Àwòrán

Ẹ gé fídíò gan-an lẹ́yìn "yíká", kì í ṣe láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ mú férémù tí ọwọ́ ọ̀gá ti hàn kedere, ẹ dá a dúró, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín, kí fídíò tó máa lọ. Mo máa kọ ọ́ báyìí:

"Àtàǹpàkò méjèèjì ló fi ń ti etí táyà wọ inú rímù. Ó bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì fáàfù, ó ń lọ lápá méjèèjì, ó sì parí rẹ̀ nídìí fáàfù."

Ó tó ìṣẹ́jú-àáyá 9. Ibi tí èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe ni ohùn abẹ́ rẹ̀. Bí àwòrán bá dúró tí ohùn sì kú pátápátá, ẹni tí kò ríran á rò pé fóònù òun ti há. Nínú fídíò yín kan náà, ẹ wá ibi tí ọ̀gá ti dákẹ́ tí orin kò dún, ẹ da ìró yàrá yẹn kọ, kí ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ àpèjúwe títí ìdádúró fi parí.

Ó tún ní ohun kan tó ń tẹ̀lé e. Fídíò tí a dá dúró ti gùn ju àkọ́kọ́ lọ. Ẹ kò lè fi ohùn rẹ̀ kún fídíò àtijọ́ bí ohùn kejì tí èèyàn lè yàn, kò ní bá àwòrán mu mọ́. Fídíò ọ̀tọ̀ ló máa jẹ́, kí àkọlé rẹ̀ sì sọ pé ó ní àpèjúwe olóhùn.

Ìyá Ìbejì

Èmi fẹ́ràn kí ó dúró. Bí àwòrán bá dúró, mo lè gbé fóònù súnmọ́ ojú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n lè pa ohùn kejì, torí nígbà mìíràn ohùn méjì máa ń dà mí láàmú.

Etí Lojú

Mà, èmi ní tèmi kì í fẹ́ ìdádúró tó bá ti ju mẹ́ta lọ nínú fídíò kúkúrú. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá á máa já.

Akọ̀wé Àwòrán

Mo ti gbọ́ ohùn méjèèjì yìí láti ọ̀dọ̀ olùgbọ́ púpọ̀, n kò tíì rí ẹ̀dà kan tó tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Bí agbára bá wà, ẹ gbé ẹ̀dà méjì jáde.

Aláfídíò

Mo ti gba ohùn mi sílẹ̀ tán. Báwo ni mo ṣe máa pò ó tí ohùn ọ̀gá kò fi ní bo tèmi?

Ọmọ Kọ̀ǹpútà

Eléyìí mo ti ṣe é gan-an. Kí fáìlì ohùn yín bẹ̀rẹ̀ láti 0:00, kí ó gùn tó fídíò (ẹ ṣe ìdádúró ná), kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà láàárín gbólóhùn. Ẹ wá lo `ffmpeg`, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń pò ohùn àti fídíò:

```
ffmpeg -i fidio.mp4 -i apejuwe.wav -filter_complex \
"[1:a]asplit=2[a][b];\
[0:a][a]sidechaincompress=threshold=0.03:ratio=8:attack=200:release=600[d];\
[d][b]amix=inputs=2:duration=first:normalize=0[o]" \
-map 0:v -map "[o]" -c:v copy fidio-apejuwe.mp4
```

Bí ohùn yín bá ti wọlé, ohùn fídíò á rẹlẹ̀. Bí ẹ bá dákẹ́, á padà. Bí ó bá ń fò sókè lójijì, ẹ fi kún 600. Bí kò bá rẹlẹ̀ tó, ẹ dín 0.03 kù. Ẹ gbọ́ ọ lórí sípíkà fóònù, kì í ṣe íapíìsì nìkan. Ibẹ̀ ni orin ti máa ń gbé àpèjúwe mì.

Aláfídíò

Ó ṣiṣẹ́. Mo ti fi ránṣẹ́ sí Etí Lojú kí ó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Fídíò ti di ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 55.

Etí Lojú

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo sì tún gbọ́ ọ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ níwájú mi. Iṣẹ́ dára. Ibi méjì ló dá mi dúró.

Èkíní, ní 0:52 ẹ ní "ó tú nọ́ọ̀tì apá ọ̀tún". Ọ̀tún ta? Kẹ̀kẹ́ ti dojú dé, ọ̀gá wà lódìkejì rẹ̀, kámẹ́rà wà lápá mìíràn. Mo tú ti òdìkejì lákọ̀ọ́kọ́. Bí ẹ bá ní "apá tí ṣéènì wà", mo lè fi ọwọ́ wá a.

Èkejì ni "sọlúṣọ̀n kò dán mọ́". Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé tèmi kò dán mọ́?

Akọ̀wé Àwòrán

Ọ̀rọ̀ ṣéènì, èmi náà ìbá ti rí i. Ẹ ṣeun. Lórí èkejì, iṣẹ́ wa ni láti sọ ohun tó wà lójú àwòrán, a kì í fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìmọ̀ràn tiwa sí i, olùgbọ́ kò ní mọ èyí tí ọ̀gá sọ mọ́.

Etí Lojú

Ìyẹn dára fún fíìmù, mà. Èyí tí wọ́n fi ń kọ́ni ńkọ́? Ẹni tó ń ríran rí àmì tó máa lò. Ẹ sọ àmì náà fún mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò lè lò ó.

Aláfídíò

Mo pe ọ̀gá lórí fóònù. Ó ní kí èèyàn fi ẹ̀yìn ìka kan etí sọlúṣọ̀n, níta ibi tí ègé rọ́bà máa jókòó sí. Tí kò bá rin ìka mọ́, tó kàn ń lẹ̀ díẹ̀, ó ti tó. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan àárín rẹ̀, kí ọ̀rá má baà bá a. Mo lè mú kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́, kí n fi sínú ìdádúró ní 3:28.

Akọ̀wé Àwòrán

Bí ohùn ọ̀gá ló bá sọ ọ́, n kò ní ìjà. Bí ó bá jẹ́ ohùn àpèjúwe, mi ò tíì gbà.

Etí Lojú

Ohùn ẹnikẹ́ni ni kí ó jẹ́, kí ó ṣáà wà níbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́ bí ẹ bá ti tún ti 0:52 ṣe, táyà ẹ̀yìn mi náà ti jò.